Gbólóhùn Tí Ẹlòmíràn Kò Lè Buwọ́ Lù

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹẹrẹ, ọmọbìnrin kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bódìjà, ní ìlú Ìbàdàn. Ìwé ìwọlé mẹ́ta ni ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, ẹ̀kọ́ oyè másítà nípa omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún níbẹ̀. Ó ti gba ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti rí ẹni méjì tí yóò kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni ìwé àlàyé ara ẹni, ojú ewé kan àbọ̀ tí olùbẹ̀wẹ̀ fi ń sọ ìdí tí ó fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà àti ohun tí ó mú un yẹ fún un. Ó ti kọ ọ́, ó sì ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò wá kí wọ́n bá òun tú u palẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá òun wo gírámà rẹ̀ ni.

Olùkọ́ yunifásítì ni ẹ̀gbọ́n náà, ó sì ti jókòó fún ọdún mẹ́fà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ka ìwé àwọn tí ó fẹ́ wọlé fún másítà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìmú kálàmù dání. Nígbà tí ó parí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni ó kọ èyí?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni o tẹ̀ ẹ́. Ta ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀?"

Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán ni wọ́n fi kọ ìwé náà, kò sì sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Bí a bá sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní èdè wa, ohun tí ó wí ni pé láti kékeré ni ọ̀rọ̀ omi ti ń jẹ olùbẹ̀wẹ̀ lọ́kàn, nítorí pé ó dàgbà sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń rin ìrìn wákàtí méjì kí wọ́n tó rí omi pọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rántí dáadáa pé agbo ilé kan náà ní Mọ́kọ́lá ni àwọn méjèèjì ti dàgbà. Kànga kan wà láàárín agbo ilé náà tí kì í gbẹ, àní ní ìgbà ọyẹ́ pàápàá. Ó bi í ní ìgbà tí ó rin ìrìn wákàtí méjì. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pé ọ̀rẹ́ òun kan tí ó ti wọlé ní ọdún tí ó kọjá ni ó fún òun ní tirẹ̀ kí òun fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 2007, UCAS, àjọ tí ń gba ìwé ìwọlé àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rọ yẹ ìwé àlàyé ara ẹni bí 50,000 wò. Nínú wọn, 234 ni ó sọ ìtàn kan náà, pé olùbẹ̀wẹ̀ ń fi ohun èlò kẹ́místírì ṣeré nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì jó ihò sí aṣọ tí ó fi ń sùn. Ó ṣòro láti gbà pé aṣọ oorun tí ó jó tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí iná má sì jó ilé. Ìtàn náà dára ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan sọ ọ́, bóyá ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ lẹ́nu ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á ní ìgbà kejì kò ní rí ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ́, ẹni tí ó da ìwé kọ ni yóò rí. Ìrìn wákàtí méjì lọ sí odò ti di irú aṣọ oorun bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ̀gbọ́n náà mú pẹ́ńsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, èyí ni pé ta ni ẹlòmíràn tí ó lè buwọ́ lù ú? "Mo jẹ́ ẹni tí ó ní ìfaradà, tí ó sì lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀." Gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè buwọ́ lu èyí. "Omi ni ẹ̀mí." Àwọn tí ń ta omi inú ọ̀rá lè buwọ́ lù ú. Gbólóhùn mọ́kànlélógún ni ó wà nínú ìwé náà. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó ti fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ mẹ́rìndínlógún. Nínú márùn-ún tí ó kù, mẹ́ta jẹ́ ìyìn fún yunifásítì náà, pé ó lókìkí káàkiri àgbáyé, pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò lẹ́gbẹ́. Ó fa ìlà sí àwọn náà. Àwọn tí yóò ka ìwé náà ń gbé inú ilé ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n mọ bí òrùlé rẹ̀ ṣe ń jò.

Ó ṣe pàtàkì láti mọ ẹni tí ń kà á. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ másítà náà gan-an, tàbí ẹnì kan ní ẹ̀ka rẹ̀, ni ìwé àlàyé ara ẹni ń dé ọwọ́ rẹ̀, èsì ẹ̀kọ́ olùbẹ̀wẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé àfidánù ni kí ènìyàn máa ka àwọn máàkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nínú rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ náà ń wá ni bóyá ẹni yìí mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà, bóyá orí rẹ̀ lè gbé e, àti bóyá ìdí kan wà tí kò ní jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá le. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì kan máa ń béèrè ìwé méjì, ọ̀kan fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìwádìí, èkejì fún ìtàn ìgbésí ayé. Ẹni tí ó bá mú èyí tí wọ́n kọ fún ìtàn ìgbésí ayé ní Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omijé ni yóò gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́.

Gbólóhùn méjì ni ó kù tí kò sí ìlà lábẹ́ wọn. Èkíní sọ pé olùbẹ̀wẹ̀ bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní agbègbè Òkè-Ògùn, níbi tí ó ti yan ojú ilẹ̀ fún kànga dẹ̀rọ mọ́kànlá. Èkejì sọ pé àwọn kànga náà yí ìgbé ayé àwọn ará abúlé padà.

"Mọ́kànlá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mélòó ni ó ní omi?"

Ọmọbìnrin náà wo fèrèsé. "Mẹ́sàn-án."

"Sọ ti méjì yòókù fún mi."

Kí a tó gbọ́ ti méjì yòókù, ó yẹ kí a mọ bí ilẹ̀ Òkè-Ògùn ṣe rí. Láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, òkúta líle bíi òkúta akọ ni ó wà ní ìsàlẹ̀. Òkúta yìí kì í gba omi sára bí iyanrìn ti ń ṣe. Ibi méjì péré ni omi lè wà níbẹ̀: nínú ìpele òkúta tí ó ti jẹrà di ìlẹ̀pa ní òkè, tàbí nínú ibi tí òkúta ti sán ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni kànga méjì ṣe lè wà ní ìwọ̀n ìdajì pápá bọ́ọ̀lù síra wọn, kí ọ̀kan kún kí èkejì sì gbẹ táútáú. Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, onímọ̀ yóò ri ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan gbọọrọ, yóò fi iná mànàmáná gba inú méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun, yóò sì fi méjì àárín wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà. Bí ó bá ti ń sún àwọn ọ̀pá ìpẹ̀kun jìnnà síra wọn ni iná náà ń wọlẹ̀ sí i. Òkúta tí kò sán máa ń dènà iná gan-an. Ibi tí omi bá wà kì í dènà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti inú àwọn òǹkà yìí ni ó ti máa ń mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbẹ́.

Ó sọ ti kànga àkọ́kọ́ láìṣòro. Ó yan ojú ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé ìwé abúlé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìgbẹ́kànga dé, káńsẹ́lọ̀ àdúgbò náà ní iwájú ilé òun ni wọn yóò gbẹ́ ẹ sí. Agbaṣẹ́ṣe gbà fún un. Wọ́n gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ ní mítà 60, eruku ni ó ń tú jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. Ó ní kí ó lọ kọ èyí, kí ó sì mú un padà wá ní ọjọ́ Sátidé.

Ohun tí ó mú wá ní ọjọ́ Sátidé burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti fi ojú ewé kan gbáko ṣe ẹjọ́ káńsẹ́lọ̀. Ó bú agbaṣẹ́ṣe, ó bú ìjọba ìbílẹ̀, ó kọ nípa ìwà ìbàjẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò padà wá tún orílẹ̀-èdè òun ṣe. Òtítọ́ ni ìtàn náà. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà á, ìdí tí ó sì sọ yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ irú ìwé yìí gbọ́. Ó ní, "Kí ni wọn yóò kọ́ ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ yìí tí kò ní jẹ́ kí káńsẹ́lọ̀ gbé kànga lọ síwájú ilé rẹ̀?" Kò sí. Ìwọ ti mọ ibi tí omi wà nínú ìtàn yẹn. Ẹlòmíràn ni ó ṣe àṣìṣe. Bí olùkọ́ kan bá kà á, yóò káàánú rẹ, lẹ́yìn náà yóò béèrè ohun tí ó gbé ẹ wá sí ọ̀dọ̀ òun.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ìyàwó ilé kejì ń gún iyán, wọ́n sì ń gbọ́ ọ dáadáa.

"Ìkejì ńkọ́?"

Ìkejì ni kò fẹ́ sọ. Abúlé kan ni, kò jìnnà sí Òkèehò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó dí i lọ́wọ́. Láti bíi mítà 12 dé mítà 30 ni ẹ̀rọ rẹ̀ fi hàn pé ilẹ̀ kò dènà iná púpọ̀, òǹkà rẹ̀ kò ju óòmù-mítà 28 lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà pé òkúta jíjẹrà tí ó kún fún omi ni. Amọ̀ ni. Amọ̀ máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà kì í dènà iná, ṣùgbọ́n kì í tú omi náà sílẹ̀ fún kànga. Òkúta jíjẹrà tí ó ń sun omi dáadáa máa ń ní òǹkà tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní ìrírí yóò fura sí 28, yóò lọ ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ibòmíràn, tàbí kí ó fi ọ̀nà mìíràn yẹ ilẹ̀ náà wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Òun kò fura.

Mítà 60 ni ó wà nínú ìwé iṣẹ́. Ní ibi mítà 48, ọ̀gá àwọn agbẹ́kànga pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn ti kọjá amọ̀, àwọn ti wà nínú òkúta tí kò sán rárá, kò sí àmì omi, dísù sì ń tán lọ. Ó bèèrè bóyá kí àwọn dúró. Ó ní kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń kọ ìjábọ̀ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́, ó kọ ọ́ pé àwọn agbẹ́kànga dúró kí wọ́n tó dé ibi tí ó yẹ. Kò kọ nípa fóònù. Kò kọ nípa 28. Ilé iṣẹ́ yọ owó nínú owó iṣẹ́ bàbá náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, kò bá a wí. Ó ní kí ó mú fóònù rẹ̀, kí ó tan ohùn gbígbà sílẹ̀, kí ó sì tún sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà, ilẹ̀ nìkan, bí ẹni ń sọ ọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Ohùn yìí ni kí ó lọ gbọ́ kí ó sì kọ sílẹ̀. Ọ̀nà yìí rọrùn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tí ó jẹ́ pé bí a bá ti rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì báyìí ni ahọ́n wa ń yí padà di ti agbẹjọ́rò. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń sọ̀rọ̀, kò lo ọ̀rọ̀ ńláńlá kankan. Ó ń sọ mítà, ó ń sọ amọ̀, ó ń sọ ohun tí ó rò àti ohun tí ó rí.

Ẹ̀dà kẹfà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ báyìí, bí a bá yí i sí Yorùbá: "Mo yan ojú ilẹ̀ fún kànga dẹ̀rọ mọ́kànlá ní Òkè-Ògùn. Méjì kò ní omi. Wọ́n gbé ọ̀kan kúrò níbi tí mo yàn. Èkejì jẹ́ àṣìṣe mi: mo rí òǹkà 28 láàárín mítà 12 sí 30, mo pè é ní òkúta jíjẹrà tí ó ní omi, amọ̀ ni wọ́n sì bá. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró ní mítà 48, ṣùgbọ́n ìjábọ̀ mi kò sọ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn èyí ni ó wá kọ ohun tí kò mọ̀: pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni òun ń lò láti yẹ ilẹ̀ wò, pé òun kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀nà méjì gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé nínú kànga mẹ́sàn-án tí ó ní omi, wọ́n fa omi wọn wò fún wákàtí díẹ̀ péré kí wọ́n tó fi wọ́n lé àwọn ará abúlé lọ́wọ́, òun kò sì lè sọ èyí tí yóò ṣì máa sun ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn ohun tí kò mọ̀ yìí ni ó so ìwé náà mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin náà tún ṣí ìwé ètò ẹ̀kọ́ yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó ti kà ní gbàràgbàrà tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé ọ̀kan ní iṣẹ́ pápá níbi tí wọ́n ti ń fa omi kànga fún ọjọ́ púpọ̀ tí wọ́n sì ń wọn bí ó ṣe ń wálẹ̀. Èkejì ní ẹ̀kọ́ tí ó dá lórí oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò láìgbẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta kò ní èyí tí ó wá rárá. Ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà nípa omi inú iyanrìn etí òkun ni ó kún inú rẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò, ó sì wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí èyí, ìpínrọ̀ tí ó kẹ́yìn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Ó kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé lọ́dọọdún ni òun máa ń rí ìwé tí olùbẹ̀wẹ̀ ti yin yunifásítì ẹlòmíràn nítorí pé ó gbàgbé láti yí orúkọ padà. Bí ohun tí ó wà nínú ìpínrọ̀ bá yàtọ̀, kì í ṣe orúkọ nìkan, àṣìṣe yẹn ṣòro láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀. 3.38 nínú 5 ni ó fi jáde, ìpele kejì ti ìsàlẹ̀. Ó ti kọ ìpínrọ̀ gígùn kan tẹ́lẹ̀ lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022. Òótọ́ ni pé oṣù mẹ́jọ ni ó gbà, láti oṣù Èrèlé dé oṣù Ọ̀wàrà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé ìwé ìjọba tí ń bẹ̀bẹ̀ ní àsìkò yìí ni ó kọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀: pé ní oṣù mẹ́jọ náà ni ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn agbẹ́kànga ṣiṣẹ́, tí ó ń gbé ọ̀pá irin fún wọn. Àwíjàre di ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀.

Ibi kan wà tí àwọn méjèèjì kò ti fohùn ṣọ̀kan. Ọmọbìnrin náà fẹ́ kọ ọ́ pé wọ́n yọ owó bàbá agbẹ́kànga, pé èyí ń jẹ òun lọ́kàn títí di òní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ìlà sí i. Ó ní ìjẹ́wọ́ nìyẹn, kì í ṣe àlàyé; ẹni tí o ṣẹ̀ kò sí nínú ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin náà ní bí òun bá yọ ọ́, ó dà bí ẹni pé òun tún ń fi nǹkan pamọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó fi gbólóhùn tí ó sọ pé ìjábọ̀ òun kò sọ òtítọ́ sílẹ̀, ìyẹn tó, kí ó sì mú ìyókù lọ síbi tí ó tọ́ sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn dá a lẹ́jọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé mọ̀ pé ẹkún pọ̀ nínú wọn, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Nígbà tí ìwé náà ti di ọ̀rọ̀ bí 700, tí ó kéré sí òṣùwọ̀n tí wọ́n fún un, wọ́n kà á sókè. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń kà, àbúrò ń gbọ́. Ibikíbi tí ó bá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín nítorí pé kò lè sọ irú rẹ̀ ní ẹnu ara rẹ̀ láéláé, wọ́n tún un ṣe. "Ìtara àtọkànwá" lọ. "Ìrírí tí kò ṣeé gbàgbé" lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí ó rú èrò wọn ni "ìkùnà". Ọmọbìnrin náà fẹ́ fi "ìpèníjà" rọ́pò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bi í bóyá kànga tí ó ní ìpèníjà ni àwọn ará abúlé náà ń wò lójoojúmọ́. Wọ́n yọ méjèèjì, wọ́n ní kànga náà gbẹ.

Ó wá ku ohun kan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni méjì tí yóò kọ ìwé ẹ̀rí fún un ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ó ti bá ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ògùn. Ó dára kí ẹni tí ń jẹ́rìí ka ohun tí ẹni tí òun ń jẹ́rìí fún ti kọ, kí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì má baà máa gbógun ti ara wọn. Bí ọ̀gá bá kọ ọ́ pé kò ṣe àṣìṣe rí, tí òun sì kọ ọ́ pé òun ṣe, ọ̀kan nínú wọn yóò di òpùrọ́ lójú ẹni tí ń kà á. Ó lè wá ẹlòmíràn dípò ọ̀gá náà. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ti ṣèlérí. Ó ronú sí i fún ọjọ́ méjì.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà, ó mú ẹ̀dà kan tí ó ti tẹ̀ jáde dání. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó sì gbé e fún un. Bàbá náà jẹ́ ẹni tí ń kàwé pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ìka rẹ̀ a máa tẹ̀lé ìlà. Ìka náà dúró ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ó lọ síwájú, ó tún padà sí òkè. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ fáìlì kan jáde, ó sì wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìwí nǹkan kan.

"Kì í ṣe 48," ni ó wí níkẹyìn. "Wọ́n kọ 45 sínú ìwé ẹ̀rọ. Tún un ṣe."

"Ẹ ṣé, sà."

"O sì wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń bá bàbá yẹn jà."

"Mo wà níbẹ̀, sà."

Ó ti fáìlì náà pa. Ó bi í bóyá ó ṣì ní nọ́ńbà fóònù bàbá agbẹ́kànga náà. Ọmọbìnrin náà yọ fóònù rẹ̀, ó wá orúkọ náà, ó sì ka nọ́ńbà mọ́kànlá náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àlàyé náà, ó ka ohun tí ó kọ padà sókè kí ó lè dá a lójú, ó sì fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní ìwé ẹ̀rí yóò jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pé ohun tí òun rí ni òun yóò kọ, títí kan èyí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí 48 sí 45, ó sì fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kí iná tó lọ.